NAFDAC, kg, M.K.O., abbl: èwo la ń fi lẹ́tà ńlá kọ?

Akọ̀wé_Ìkìrun

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹgbẹ́ ọmọ bíbí ìlú wa ń tẹ ìwé ìtàn kékeré kan. Alága wa ní gbogbo ọ̀rọ̀ tí a bá ti gé kúrú, lẹ́tà ńlá ni ká fi kọ ọ́: NAFDAC, KG, PHD, ABBL, A.M. Èmi ò gbà. Kí ló ya lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ ènìyàn, àwọn bíi JAMB àti EFCC, àti ọ̀rọ̀ tí a kàn gé kúrú sọ́tọ̀ síra wọn? Ìgbà wo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba lẹ́tà ńlá? Ọjọ́ Ẹtì ni ìwé ń wọ ilé ìtẹ̀wé.

* * *

Tíṣà_Àgbà

Ọ̀rọ̀ yìí ò le rárá. Alága yín ló gba ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n kọ́ wa níṣẹ́ olùkọ́, ìlànà kan ṣoṣo ló wà: lẹ́tà ńlá, kí àmì ìdánudúró sì tẹ̀ lé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. N.E.P.A., W.A.E.C., U.N.O. Ìwé ìròyìn àtijọ́ kún fún un, ẹ lọ wò ó. Àwọn ọmọ tó ń fi àtàǹpàkò tẹ nǹkan lórí fóònù ni wọ́n yọ àmì yẹn dànù nítorí ọ̀lẹ. Ẹ dá a padà síbẹ̀, kẹ́ ẹ lọ sùn.

* * *

Ìyá_Ìbejì

Ẹ ṣọ́ra o, akọ̀wé. Nígbà tí èmi àti bàbá wọn fẹ́ ra ilẹ̀, lọ́yà ní kí n kọ lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ mi sí ìsàlẹ̀ gbogbo ojú ewé. Mo fi lẹ́tà kékeré kọ ọ́. Àwọn ẹbí onílẹ̀ ní èyí kì í ṣe ìfọwọ́sí, wàhálà bẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà ńlá ni kẹ́ ẹ máa lò, kí ẹnikẹ́ni má fi yín ṣeré.

* * *

Atẹ̀wé_Ṣómólú

Ìyá Ìbejì, ẹ kú wàhálà ilẹ̀ mà. Ti lọ́yà yẹn yàtọ̀. Ohun tó ń wá lójú ewé kọ̀ọ̀kan ni àmì pé ẹ rí i, kí ẹnì kan má baà yọ ojú ewé kan kó sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ó ṣe pàtàkì pé ọwọ́ yín ló kọ ọ́, kó sì jọ bí ẹ ṣe máa ń kọ ọ́. Ìwé títẹ̀ ni akọ̀wé ń béèrè.

Akọ̀wé, èmi kì í kọ́kọ́ wo ìwé ìlànà. Mo máa ń gbé ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu ni. Pe EFCC sókè: lẹ́tà mẹ́rin lò ń kà, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Pe NAFDAC: o ò ka lẹ́tà kankan, orúkọ lo pè, bí ẹni pe orúkọ ọjà. Wàyí o, ka gbólóhùn tó parí sí "abbl" sókè. Kò sí ẹni tó ń ka "a, b, b, l". "Àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ" lẹnu máa sọ, kódà bí ojú kò rí ju lẹ́tà mẹ́rin lọ.

Ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ wà. Àwọn kan wà tí ẹnu ń kà ní lẹ́tà lẹ́tà: EFCC, BVN, NYSC, OOU. Àwọn kan wà tí ẹnu ti sọ di ọ̀rọ̀: NAFDAC, JAMB, LASU, NIN. Àwọn kan sì wà tí ìwé nìkan ló gé wọn kúrú, ẹnu ò gé nǹkan kan: Dr, Prof., kg, abbl. Ẹ wo BVN àti NIN. Nọ́ńbà ni àwọn méjèèjì, báǹkì kan náà ló ń béèrè wọn lọ́wọ́ wa, síbẹ̀ ẹnu ka ọ̀kan ní lẹ́tà, ó sì pe èkejì ní ọ̀rọ̀, torí pé fáwẹ́lì kan wà láàárín NIN tí ahọ́n lè gùn lé.

Lẹ́tà ńlá wá ń tẹ̀ lé e báyìí. Èyí tí ẹnu ń kà ní lẹ́tà, lẹ́tà ńlá ni gbogbo rẹ̀. Èyí tí ìwé nìkan gé, ó máa ń jọ odidi ọ̀rọ̀ tó ti jáde: bí odidi bá gba lẹ́tà ńlá, kó gbà á, bí kò bá gbà á, kó má gbà á. "Dókítà" tó ṣáájú orúkọ gba D ńlá, nítorí náà Dr. "Kílógíráàmù" kò gbà á, nítorí náà kg. "Àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ" láàárín gbólóhùn kò gbà á, nítorí náà abbl. ABBL tí alága kọ yẹn ń pariwo lásán ni.

Àwọn àárín, ìyẹn NAFDAC àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ni ìjà wà. Màá padà sí i.

* * *

Tíṣà_Àgbà

Ọ̀gá Atẹ̀wé, ẹnu kọ́ la fi ń kọ̀wé. Bí mo bá tẹ̀ lé yín, kí la máa ṣe sí a.m.? Ẹnu ń ka "a" àti "m" níbẹ̀. Ó yẹ kó jẹ́ A.M. nìyẹn.

* * *

Atẹ̀wé_Ṣómólú

Ẹ rí mi mú díẹ̀ níbẹ̀ sà. Ẹnu kà á ní lẹ́tà, síbẹ̀ lẹ́tà kékeré ni ọ̀pọ̀ ilé ìtẹ̀wé Gẹ̀ẹ́sì ń fi kọ ọ́, torí pé èdè Látìn ni, ó ti pẹ́ nínú ìwé kí a tó máa dá àwọn ẹgbẹ́ sílẹ̀ tí orúkọ wọn gùn. "e.g." àti "i.e." náà bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n, ẹni tó ń tẹ̀wé kàn ń há wọn sórí ni. Ṣùgbọ́n nínú ìwé Yorùbá, kí la fẹ́ fi a.m. ṣe? "Aago mẹ́wàá àárọ̀" la ń sọ. Ẹ kọ bẹ́ẹ̀.

Àmì ìdánudúró tí ẹ ní ọ̀lẹ ló yọ ọ́, àwọn ilé ìwé ìròyìn ńlá ti ń yọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó ní fóònù alágbèéká. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àmì yẹn ń sọ pé "mo gé nǹkan níbí." Nígbà tí gbogbo ayé bá ti mọ BBC, kò sẹ́ni tó tún nílò kí wọ́n sọ fún un pé wọ́n gé nǹkan. Kì í ṣe àṣìṣe láti kọ N.E.P.A. nínú ìwé tó fẹ́ jọ ti àtijọ́. Àmọ́ bí ẹ bá fi àmì sí ọ̀kan, ẹ gbọ́dọ̀ fi sí gbogbo wọn láti ojú ewé kìíní dé ìparí. Ibẹ̀ ló ti máa ń bàjẹ́.

* * *

Ọmọ_Kétu

Ẹ jẹ́ kí ẹ̀yìn odi náà dá sí i. Ní apá tiwa ní Benin, Faransé ni wọ́n fi kọ́ wa nílé ìwé. Ohun tí wọ́n kọ́ wa nípa àmì yẹn rọrùn: bí lẹ́tà ìkẹyìn ọ̀rọ̀ náà bá ṣì wà níbẹ̀, kò sí àmì; bí wọ́n bá gé ìrù rẹ̀, àmì wà. Nítorí náà Dr àti Mme kò ní àmì, torí pé r àti e tó parí wọn ṣì wà. Àmọ́ M. tí a ń kọ ṣáájú orúkọ ọkùnrin ní àmì.

Ní ti àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹnu ń pè, ẹ wo àrùn tí ẹ̀yin ń pè ní éèdì. SIDA ló kọ́kọ́ jẹ́ nínú Faransé, lẹ́tà ńlá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Báyìí, sida ni ó wà nínú ìwé atúmọ̀ èdè wọn, bí ibà. Ẹ̀yin ń kọ ECOWAS, àwa ń kọ CEDEAO, àjọ kan náà ni, ìyẹn èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1975. Ẹnu sọ méjèèjì di ọ̀rọ̀.

* * *

Atẹ̀wé_Ṣómólú

Ẹ ṣeun, Ọmọ Kétu. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ìlú ọba náà ní irú ìlànà ìrù yẹn: Dr àti Mr kò ní àmì, Prof. àti Rev. ní. Amẹ́ríkà kì í yà wọ́n sọ́tọ̀, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń fi àmì sí: Dr., Mr., Prof. Ẹ mú ọ̀kan.

Ẹ tún ti ṣílẹ̀kùn ibi tí mo fẹ́ wọ̀. Ọ̀rọ̀ tí a fi lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ ṣe, tí ẹnu sì ń pè, máa ń rìn ni. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà ńlá gbogbo. Bí àwọn ènìyàn bá ń pè é títí tí wọ́n gbàgbé ohun tó dúró fún, tí kì í sì í ṣe orúkọ ẹgbẹ́ tàbí iléeṣẹ́ kankan, yóò di ọ̀rọ̀ lásán, lẹ́tà ńlá á sì bọ́ lára rẹ̀. Radar tí àwọn ológun ojú omi Amẹ́ríkà sọ lórúkọ ní 1940 ti ṣe bẹ́ẹ̀. Laser náà ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ta ló tún ń kọ LASER?

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ orúkọ iléeṣẹ́, kò lè bọ́ tán, torí pé orúkọ ni. Lẹ́tà àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ dúró. Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn wà láàárín àwọn tó ń tẹ̀wé. BBC àti ìwé ìròyìn Guardian ti Lọ́ńdọ̀nù máa ń kọ Nato, Nasa, Unicef, torí pé ẹnu ń pè wọ́n bí ọ̀rọ̀, nígbà tí WHO ṣì jẹ́ WHO torí pé lẹ́tà ni ẹnu ń kà níbẹ̀. New York Times ń kọ NATO àti NASA, ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún Unicef ló ń kọ; èyí tó bá gùn ni wọ́n ń rẹ̀ sílẹ̀ nígbà náà. Àwọn ìwé ìròyìn wa nílé, NAFDAC àti JAMB ni wọ́n sábà máa ń kọ.

Èmi ò fẹ́ràn Nafdac nínú ìwé Yorùbá. Bí mo bá tẹ̀ lé ìlànà Lọ́ńdọ̀nù, "Lasu" àti "OOU" á jókòó sínú gbólóhùn kan náà, ọ̀kan á dà bí orúkọ ènìyàn, èkejì á dà bí nọ́ńbà ọkọ̀. Bákan náà ni òǹkàwé Yorùbá tó bá rí "Funaab" á kọ́kọ́ rò pé "fún" kan ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Lẹ́tà ńlá FUNAAB ń sọ fún un kíákíá pé kó má wá ohùn kankan lórí rẹ̀. Ẹ fi NAFDAC yín sílẹ̀ bó ṣe wà. Níbẹ̀ nìkan ni alága ti jàre.

* * *

Oníná_Mọ́níyà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé. Ẹ ní kg kékeré. KVA ńkọ́? Iṣẹ́ mi nìyẹn. Bébà tí mo fi ń gba owó, KVA ni mo tẹ̀ sí i. Oníbàárà kan tó jẹ́ olùkọ́ fásitì fi bíró pupa fa igi sí i, ó kọ "kVA". Inú mi ò dùn. Lára jẹnẹrétọ̀ tí mo tà fún un, KVA gàdàgbà ni wọ́n fi ọ̀dà kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ṣé àwọn tó ṣe é ò mọ nǹkan ni?

* * *

Atẹ̀wé_Ṣómólú

Ọ̀dà ara jẹnẹrétọ̀, ìpolówó ọjà ni. Ẹ wo irin pẹlẹbẹ kékeré tí wọ́n tẹ nọ́ńbà ẹ̀rọ sí, ẹ ó sábà rí kVA níbẹ̀.

Olùkọ́ yẹn jàre, ṣùgbọ́n kò yẹ kó fi bíró pupa ṣe é. Àmì ìwọ̀n kò sí lábẹ́ ilé ìtẹ̀wé kankan. Àdéhùn gbogbo ayé ni, ẹnikẹ́ni ò lè ní "nílé ìwé ìròyìn tiwa, báyìí la ń kọ ọ́." Ìwọ̀n tó bá gba orúkọ ènìyàn, lẹ́tà ńlá ni àmì rẹ̀. V wá láti orúkọ Volta ará Ítálì, A láti orúkọ Ampère ará Faransé, W láti orúkọ Watt ará Skọ́tílàǹdì. Ìwọ̀n tí kò gba orúkọ ẹnikẹ́ni, lẹ́tà kékeré ni: m, g, s. Lítà nìkan ni wọ́n yọ̀ǹda l àti L fún, torí pé l kékeré jọ nọ́ńbà 1.

k tó ṣáájú túmọ̀ sí ẹgbẹ̀rún, kékeré ni. K ńlá jẹ́ àmì mìíràn pátápátá, òun ni kẹ́lífìn tí wọ́n fi ń wọn ooru. Nítorí náà: k kékeré, V ńlá, A ńlá. Bébà owó yín kò lè kó yín sí gbèsè nítorí KVA, ẹni tó ń ra jẹnẹrétọ̀ ò ní rò pé ooru lẹ ń tà. Ibi tó ti ń le ni m àti M. MW jẹ́ mílíọ̀nù wáàtì. mW jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún wáàtì kan. Ẹ kọ ọ̀kan fún èkejì nínú ìwé àdéhùn, ẹ ti fi bílíọ̀nù kan sọ iye náà di púpọ̀ tàbí pín in.

* * *

Nọ́ọ̀sì_Leeds

Mo ń ka yín láti ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ m àti M yìí ló mú mi kọ̀wé. Nídìí iṣẹ́ tiwa, kì í ṣe bí ìwé ṣe rí lójú là ń wò. Mílígíráàmù ni mg. Bí wọ́n bá kọ "MG" sójú páálí oògùn, ó ṣeé ṣe kẹ́ni tó kà á mọ̀ ọ́n, torí pé kò sẹ́ni tó ń gbé mílíọ̀nù gíráàmù oògùn mì. Èyí tó ń pa ènìyàn ni ti máíkírógíráàmù. Ìkékúrú rẹ̀ jọ mg bí ìkọ̀wé ènìyàn kò bá dára, ẹgbẹ̀rún ìlọ́po ló sì wà láàárín wọn. Nítorí náà, ìlànà oògùn ní Brítéènì ni pé ká má gé e rárá. Ẹ kọ odidi ọ̀rọ̀.

Ti insulín náà bẹ́ẹ̀. Wọn ò gbà ká fi U ńlá dúró fún ìwọ̀n rẹ̀, torí pé "10U" tí wọ́n fi ìkánjú kọ lè di 100 lójú ẹlòmíràn. Ẹ̀yin ń jà lórí lẹ́tà ńlá tàbí kékeré. Nígbà mìíràn ìdáhùn ni pé ká má gé ọ̀rọ̀ kúrú.

* * *

Tíṣà_Àgbà

Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣé. Ọ̀rọ̀ yín mọ́gbọ́n wá. Ṣùgbọ́n ìwé ìtàn ìlú ni akọ̀wé ń ṣe, kì í ṣe ìwé oògùn.

* * *

Akọ̀wé_Ìkìrun

Ẹ ṣeun gan-an ni, ẹ̀yin àgbà. Ẹ jẹ́ kí n gbé gbólóhùn kan sílẹ̀ bó ṣe wà lójú ewé wa, mo kàn yọ orúkọ ìdílé ẹni náà kúrò ni:

"Ní 1979, akápò wa, DR. A.G., PHD, dé láti ìpàdé OAU. Ó bá a pé NEPA ti fa iná wọ ìlú, ṣùgbọ́n iná kì í dúró. Ó fún ẹgbẹ́ ní jẹnẹrétọ̀ 50KVA, ìrẹsì 50KGS, ABBL. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn NGOs bẹ̀rẹ̀ sí í wá."

Àwọn ọmọ bàbá náà tún ń bínú. Wọ́n ní orúkọ kejì bàbá wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Gb, kí ló dé tí a kọ G?

* * *

Atẹ̀wé_Ṣómólú

Gbólóhùn yìí dùn ún tún ṣe. Ẹ jẹ́ ká gbà á láti òkè.

DR. á di Dr, torí pé ẹnu ń pe dókítà. PHD á di PhD. Ọ̀rọ̀ Látìn kan ló bí P àti h pọ̀, òun ló fi jẹ́ pé P nìkan ló ga. Ẹni tó bá sì ti kọ Dr ṣáájú kò tún nílò PhD lẹ́yìn, ẹ yọ ọ̀kan. Èmi ì bá yọ PhD.

OAU ni ibi tí ẹ fẹ́ rìn sínú kòtò. Ọmọ ogún ọdún tó bá ka ìwé yín á rò pé bàbá lọ sí fásitì tó wà ní Ilé-Ifẹ̀. Ní 1979, fásitì yẹn kò tíì jẹ́ bẹ́ẹ̀. 1987 ni wọ́n sọ ọ́ ní orúkọ Awólọ́wọ̀. OAU ti 1979 ni àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Addis Ababa ní 1963, èyí tí AU rọ́pò ní 2002. Lẹ́tà ńlá kò lè gbà yín níbẹ̀. Ẹ kọ "Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà" ní kíkún nígbà àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ fi OAU tẹ̀ lé e bí ẹ ó bá tún lò ó.

NEPA dára fún 1979, torí pé 1972 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Bí ojú ewé mìíràn bá ní NEPA wá ní 1965, ẹ tún un ṣe, ECN ló wà nígbà yẹn.

50KVA á di 50 kVA, kí àlàfo wà láàárín nọ́ńbà àti àmì. 50KGS á di 50 kg. Àmì ìwọ̀n kì í gba "s" ọ̀pọ̀, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. ABBL á di abbl. "Àwọn NGOs" á di "àwọn NGO". "Àwọn" ti sọ pé wọ́n pọ̀, kí la tún ń fi s Gẹ̀ẹ́sì ṣe? Bákan náà ni "àwọn ATM" àti "àwọn PVC".

Ẹ kìlọ̀ fún alága kó má tẹ Shift+F3 nínú Word lórí kọ̀ǹpútà láti sọ odidi gbólóhùn di lẹ́tà ńlá kó tún tẹ̀ ẹ́ láti dá a padà. Bó bá fi tẹ̀ ẹ́ padà sí kékeré, kVA á di kva, NEPA á di nepa, kọ̀ǹpútà ò rántí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ctrl+Z nìkan ló lè gbà yín. Bí ẹ bá sì fẹ́ àkọlé tó jẹ́ lẹ́tà ńlá gbogbo, ẹ fi kVA sílẹ̀ bó ṣe wà nínú rẹ̀.

* * *

Ọmọ_Kétu

Ẹ kò dáhùn ti Gb. Èmi gbè sẹ́yìn àwọn ọmọ bàbá. Faransé gan-an, bí wọ́n bá gé Charles, wọ́n lè kọ Ch. Lẹ́tà kan ni Gb nínú ábídí Yorùbá. Ẹni tó bá gé e sí méjì ti gé lẹ́tà, kò gé orúkọ. Tiwa le jù ní Benin, torí pé ìkọ̀wé tí ìjọba là kalẹ̀ fún wa ń fi Sh kọ Ṣ, ó sì ń fi Kp kọ P. Bí a bá tẹ̀ lé G yín, ọ̀pọ̀ wa á sọ lẹ́tà nù.

* * *

Tíṣà_Àgbà

Níbi yìí mo bá ọmọ Kétu dé ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n mi ò wọlé. Bí Gb bá jẹ́ lẹ́tà kan, tí lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ lẹ́tà ńlá, a jẹ́ pé GB. ni, méjèèjì ní ńlá. A.GB. Ìyẹn ló bá òye mu.

* * *

Atẹ̀wé_Ṣómólú

Tíṣà, ṣé ẹ máa ń kọ "GBogbo" ní ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn? Gb ńlá ti ní bó ṣe rí: G ga, b wà nílẹ̀. GB di ti àkọlé tí gbogbo lẹ́tà rẹ̀ ga. PhD tí a tún ṣe lókè ń rìn lọ́nà yẹn náà. Nítorí náà A. Gb. ni mo máa ń tẹ̀ nínú ìwé Yorùbá. Mo mọ àwọn atẹ̀wé tó jù mí lọ tí wọ́n ń kọ G nìkan. Ìdí tiwọn ni pé báǹkì, ìwé ìrìnnà àti ìwé ẹ̀rí ilé ìwé, G ló wà níbẹ̀. Ìdí yẹn lágbára. Bí bàbá náà bá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ A.G. nígbà ayé rẹ̀, èmi ò ní yí i padà nítorí ábídí.

Àmì abẹ́ lẹ́tà náà ńkọ́? Mo máa ń fi sí i. "T.Ọ." yàtọ̀ sí "T.O.", Ọlá lè wà nínú ọ̀kan, Olú nínú èkejì. Àmì ohùn orí lẹ́tà ni mo máa ń yọ. Ohùn, orí sílébù ló wà, mo sì ti gé sílébù náà dànù.

* * *

Nọ́ọ̀sì_Leeds

Ọ̀gá, M.K.O. ńkọ́? Ọláwálé ni O yẹn. Nípa òfin yín, M.K.Ọ. Abíọ́lá ló yẹ ká máa kọ.

* * *

Atẹ̀wé_Ṣómólú

Ẹ ò rí i! Òun ni wọ́n fi ń bú mi ní ṣọ́ọ̀bù. M.K.O. ti kúrò nípò lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ, ó ti di orúkọ. Àwọn ènìyàn ń pè é láìfi Abíọ́lá kún un, gbogbo ìlú sì mọ ẹni tí wọ́n ń sọ. Ní 1993, òun ló wà lẹ́nu gbogbo èrò. Lẹ́nu wọn, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ka lẹ́tà náà. Ẹni tó bá fi àmì sábẹ́ O yẹn báyìí, òǹkàwé á rò pé irọ́ ni. Mo máa ń kọ MKO láìsí àmì ìdánudúró bó bá dá dúró, kí n sì kọ M.K.O. bí Abíọ́lá bá tẹ̀ lé e.

Akọ̀wé, níwọ̀n bí orúkọ ti pọ̀ nínú ìwé yín: bí ẹ bá fi àlàfo sáàárín A. àti Gb., ẹ má lo àlàfo lásán. Ẹ tẹ Ctrl+Shift+Space nínú Word. Bẹ́ẹ̀ kọ́, A. á dúró ní ìparí ìlà kan, Gb. á bọ́ sí ìlà kejì. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ náà láàárín 50 àti kVA.

* * *

Tíṣà_Àgbà

Mo ṣì ń kọ GB. Ẹ má bá mi jà.

* * *

Oníná_Mọ́níyà

Mo ti fẹ́ tún bébà owó mi tẹ̀. Ẹ bá mi wo ti bátìrì ìnfátà kí n tó san owó: 200AH ni mo kọ tẹ́lẹ̀. Ṣé 200aH ni àbí 200ah?

* * *

Atẹ̀wé_Ṣómólú

200 Ah. A ńlá torí pé Ampère ni, h kékeré torí pé wákàtí ni, wákàtí kì í ṣe orúkọ ẹnikẹ́ni. H ńlá jẹ́ ìwọ̀n mìíràn nínú iṣẹ́ iná, orúkọ Henry ará Amẹ́ríkà ló gbà. Ẹ sì fi àlàfo sílẹ̀ lẹ́yìn 200.